Ẹ Ti Pa Fọ́tò Rẹ́ Tán, Mẹ́mórì Ṣì Ní Òun Kún

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan n'Ìbàdàn. Alága ìjókòó ti pe ìyàwó títí, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ti tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ìyàwó gan-an sì ti ń jó bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìbòjú. Onífọ́tò sáré bọ́ síwájú wọn, ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà ò dún. Ó tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló yọ lójú kámẹ́rà: `Card full`.

Ó yà á lẹ́nu, torí lálẹ́ àná, òun fúnra rẹ̀ ló kó fọ́tò òde ọ̀sẹ̀ tó kọjá sórí làpútọ́ọ̀pù, tó sì pa gbogbo wọn rẹ́ lórí mẹ́mórì. Ó yára tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń wo fọ́tò tó wà nílẹ̀. Kámẹ́rà dá a lóhùn: `No images`. Mẹ́mórì kan náà ló ń sọ pé òun kún, òun náà ló tún ń sọ pé kò sí fọ́tò kankan nínú òun.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá mẹ́mórì mìíràn kàn nínú àpò, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe tán, ìyàwó ti kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Alága ló yọ onífọ́tò: ó ní ijó yẹn ò tíì tẹ́ òun lọ́rùn, kí ìyàwó padà sẹ́nu ọ̀nà lọ tún un jó. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, owó sì tún jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti onífọ́tò nìkan. Ẹni tó ń fi fíláàṣì gba ìwàásù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá kiri, ìyá tó ń pa fídíò rẹ́ lórí fóònù kó lè rí àyè fún òmíràn, gbogbo wọn ló ti bá a pàdé. Wọ́n á pa nǹkan rẹ́, wọn ò ní rí i mọ́, síbẹ̀ àyè ò ní pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ á wá lọ ra òmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó tí kò yẹ kó jáde nìyẹn.

## Ìwé méjì lọ́wọ́ akọ̀wé ọjà

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ bí mẹ́mórì ṣe ń tọ́jú ẹrù. Ẹ fojú inú wo ọjà tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ tóbi bákan náà. Ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ akọ̀wé ọjà. Inú ìwé kìíní ni orúkọ àwọn ọlọ́jà wà, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tí ẹrù oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé kejì ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù nìkan ló wà níbẹ̀: èyí ṣófo, èyí lẹ́rù, ẹrù inú èyí ṣì tẹ̀ síwájú nínú ṣọ́ọ̀bù nọ́ńbà báyìí.

Bí mẹ́mórì ṣe rí nìyẹn. FAT ni kọ̀ǹpútà ń pe ìwé kejì, òun náà ló wà nínú FAT32 tí ẹ máa ń rí nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ́máàtì nǹkan. Lórí mẹ́mórì 32GB tí kámẹ́rà fọ́máàtì, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ kìlóbáìtì 32, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ lé ní 900,000. Fọ́tò kan tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 8 á gba 256 nínú wọn.

Nígbà tí ẹ bá pa fọ́tò rẹ́ bó ṣe yẹ, iṣẹ́ kékeré méjì ló ń wáyé. Àmì kan á rọ́pò lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ fọ́tò náà nínú ìwé kìíní, kí ẹni tó bá ń kà á lè fò ó kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ "ó ṣófo" síwájú ṣọ́ọ̀bù 256 yẹn nínú ìwé kejì. Kò sẹ́ni tó kó ẹrù jáde. Fọ́tò náà ṣì wà níbi tó wà títí fọ́tò tuntun á fi dé orí rẹ̀.

Tí kámẹ́rà bá fẹ́ mọ̀ bóyá àyè wà, ìwé kejì ló ń wò. Tó bá fẹ́ fi fọ́tò hàn yín, ìwé kìíní ló ń ṣí, kò sì ń wò ó tán: inú fódà tó ń jẹ́ `DCIM` nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, tí ẹrù bá wà níbòmíràn, tàbí tí ìwé méjèèjì ò bá sọ ohun kan náà, kámẹ́rà á máa sọ ọ̀rọ̀ méjì tó takora, kò sì ní purọ́ nínú ọ̀kankan.

## Ibi tí ẹrù wà

Lọ́jọ́ Ajé, onífọ́tò gbé mẹ́mórì rẹ̀ lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dùgbẹ̀. "Ọ̀gá, mo ti dìlíìtì gbogbo ẹ̀ o," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ.

Ọ̀gá ò tíì dáhùn. Ó ki mẹ́mórì bọ kọ̀ǹpútà oní-Windows tirẹ̀, ó fi apá ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ rẹ̀, ó yan `Properties`. Ohun tó rí ni `Capacity`: 29.7 GB, àti `Free space`: 14 MB. Fọ́tò tí onífọ́tò yìí ń yà máa ń tó mẹ́gábáìtì 25 ẹyọ kan, ó sì yé èèyàn ìdí tí kámẹ́rà ò fi gba ẹyọ kan mọ́. (Ẹni tó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ torí pé kò rí 32 níbẹ̀, kó fọkàn balẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àwọn tó ṣe mẹ́mórì fi ń kà á, 1,024 ni Windows fi ń kà á. Ẹrù kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀.)

Ó wá ṣí mẹ́mórì náà. Fódà `DCIM` nìkan ló wà níbẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo. Gígábáìtì tó lé ní 29 wà níbì kan, kò sì sí fáìlì kan ṣoṣo lójú. Ó lọ sókè sí `View`, ó wọ `Show`, ó tẹ `Hidden items`. Fódà mìíràn yọ, àwọ̀ rẹ̀ bàìbàì: `.Trashes`. Nínú rẹ̀ ni `501` wà. Nínú `501` ni gbogbo fọ́tò òde ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà, wọ́n lé ní 1,100, kò sí èyí tó sọnù.

"Mac lẹ̀ ń lò, àbí?" ni ọ̀gá béèrè.

"Ẹ̀n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkúńbọ̀ kan ni."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lórí Windows, ohun tí èèyàn bá pa rẹ́ lórí fíláàṣì tàbí mẹ́mórì kì í sábà gba inú `Recycle Bin` kọjá. Ó lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti ọdún pípẹ́ mọ èyí kò ní ronú pé ibòmíràn lè yàtọ̀. Mac máa ń dá ààtàn sórí mẹ́mórì náà fúnra rẹ̀, á sì sún ohun tí ẹ pa rẹ́ síbẹ̀. 501 ni nọ́ńbà tí Mac ń fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá ní àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà náà. Orúkọ fọ́tò kúrò nínú fódà kan bọ́ sínú òmíràn ni, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣófo. Ìgbà tí ẹ bá tẹ `Empty Trash`, tí mẹ́mórì sì ṣì wà lára kọ̀ǹpútà, ni ààtàn tó dànù. Tí ẹ bá ti fà á yọ kí ẹ tó ṣe é, ẹ ti gbé ààtàn lọ sóde ìyàwó.

Fóònù Android náà ní irú èyí. Ọ̀pọ̀ gálárì ló ń fi ohun tí ẹ pa rẹ́ pamọ́ fún 30 ọjọ́ kó tó dà á nù. Ìyá tó pa fídíò 40 rẹ́ lánàá, tí fóònù rẹ̀ ṣì ń ké pé kò sí àyè, kó lọ wo inú `Trash` tàbí `Bin` tó wà nínú gálárì náà.

## Ẹ má tíì fọ́máàtì

Ẹni tó bá gbọ́ dé ibí lè rò pé ohun tó bá fara pamọ́, ẹrù ààtàn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá sọ tirẹ̀. Ó gbé fíláàṣì lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan nítòsí yunifásítì láti tẹ ojú ìwé díẹ̀ jáde. Nígbà tó padà délé, kò rí fódà rẹ̀ mọ́, àfi àwòrán kékeré kan tó ní ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fíláàṣì ṣì ní òun ti fẹ́ẹ̀ kún.

"Àbúrò mi ní kí n fọ́máàtì ẹ̀, pé fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wí. "Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ béèrè."

Àbúrò rẹ̀ ò parọ́, fáírọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n irú fáírọ́ọ̀sì yìí kì í pa fáìlì rẹ́. Ṣe ló ń fi fódà pamọ́, á gbé ayédèrú sípò rẹ̀, kí ẹni tó bá tẹ ayédèrú náà lè gbé fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àyè ò yọ lórí fíláàṣì torí pé orí kìíní títí dé orí ìkarùn-ún iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ká ní ó ti fọ́máàtì rẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ìbá lọ.

Ẹni tó bá a ṣe é kọ́kọ́ fi áńtífáírọ́ọ̀sì yẹ kọ̀ǹpútà àti fíláàṣì wò, kò sì tẹ ayédèrú náà rárá. Lẹ́yìn náà ló ṣí `Command Prompt`, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ yìí, tó ń ṣí ìbòjú kúrò lójú gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì. Lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà yín bá fún fíláàṣì ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò E:

```
attrib -h -r -s /s /d E:\*.*
```

Fódà yọ padà. Wọ́n kó o sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n tún kó o sí ibì kejì, ìgbà yẹn ni wọ́n tó fọ́máàtì fíláàṣì. Bó ṣe yẹ kó tò tẹ̀ léra nìyẹn: ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó gba àyè, ẹ kó èyí tẹ́ ẹ nílò kúrò, kẹ́ ẹ tó fọ́máàtì.

## Ẹrù tí kò lórúkọ

Irú kẹta wà tí `Hidden items` kò lè fi hàn. Òṣìṣẹ́ fídíò kan tó máa ń ya fídíò níbi ìsìnkú àgbà ní àwọn ìlú tó wà láàárín Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé bátìrì ló sábà máa ń kó òun sí i: fídíò ń lọ lọ́wọ́, bátìrì kú. Tó bá fi òmíràn sí i, fídíò tó ń yà lẹ́ẹ̀kan ò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àyè rẹ̀ ò padà.

Kámẹ́rà ti ń kó ẹrù sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti ń kọ "ó lẹ́rù" sínú ìwé kejì. Ìparí ló máa ń kọ ìwé kìíní bó ṣe yẹ: orúkọ, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó. Iná lọ kó tó débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù lẹ́rù, ẹrù ò ní olúwa. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá fa fíláàṣì yọ lójijì nígbà tí iná ara rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. "Wọ́n ní kí n máa ṣe `Eject`," ni òṣìṣẹ́ fídíò náà wí, "mo rò pé fáàrí òyìnbó ni."

Béèyàn ṣe ń dá a mọ̀ ò le. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ohun tó fara pamọ́ hàn, ẹ yan gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ẹ wo `Properties` wọn. Tí àròpọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ gígábáìtì 6, tí mẹ́mórì fúnra rẹ̀ sì ní `Used space` jẹ́ 19, gígábáìtì 13 wà níbẹ̀ tí kò ní orúkọ. Windows ní ohun tó ń fi ìwé méjèèjì wé ara wọn, tẹ́ ẹ bá fi `Run as administrator` ṣí `Command Prompt`:

```
chkdsk E: /f
```

Tó bá rí ẹrù tí kò ní olúwa, ó lè kó o sínú fódà tó ń jẹ́ `FOUND.000`, á sì sọ wọ́n ní `FILE0000.CHK`, `FILE0001.CHK`, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó ṣeé kà kúrò kẹ́ ẹ tó lò ó, torí àtúnṣe ìwé lè da ohun tó kù rú. Lójú tèmi, ẹni tó ti kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ò nílò chkdsk rárá. Kí ló ń tún ìwé tó ti rú ṣe sí, nígbà tó lè ṣí tuntun?

## Ìwé tuntun

Fọ́máàtì ni ìwé tuntun yẹn. Dìlíìtì ń mú orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ, kò sì lè mú orúkọ tí kò rí. Fọ́máàtì ò wo orúkọ ẹnikẹ́ni: ó kọ ìwé méjèèjì lákọ̀tun, ó sì sọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù di òfìfo, yálà ti ààtàn, ti ohun tó fara pamọ́ tàbí ti ẹrù tí kò lórúkọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń wo ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Fún onífọ́tò, inú kámẹ́rà ló dára jù kó ti fọ́máàtì, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà tó máa lo mẹ́mórì náà ló mọ irú ìwé tó lè kà àti bí ṣọ́ọ̀bù ṣe yẹ kó tóbi tó, á sì ṣí `DCIM` sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ `Menu`, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Format` sí, ẹ tẹ `OK`. Kò jọ `Erase all`. `Erase all` ń fi fọ́tò tí wọ́n bá tì pa sílẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan ohun tí kámẹ́rà ò mọ̀, bí `.Trashes`. Fọ́máàtì kì í dá ọ̀kankan sí, títì tàbí ṣíṣí, ẹ rántí èyí kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn onífọ́tò tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ní ìlànà kan tí wọn kì í yẹ̀: fọ́tò á wà níbi méjì, wọ́n á ṣí díẹ̀ nínú rẹ̀ wò bóyá ó pé, kámẹ́rà á sì fọ́máàtì mẹ́mórì láàárọ̀ ọjọ́ òde tuntun. Pípa rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí làpútọ́ọ̀pù ò sí nínú iṣẹ́ wọn.

Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà lẹ máa lò, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà mẹ́mórì SD ní èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ rẹ̀ ni SD Memory Card Formatter. Mẹ́mórì SD tó ju 2GB lọ títí dé 32GB, FAT32 ni tirẹ̀. Èyí tó bá ju 32GB lọ, exFAT.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yìí ló wà nídìí ẹ̀sùn mìíràn tó jọ èyí. Èèyàn á fẹ́ kó fídíò kan tó jẹ́ gígábáìtì 5 sórí fíláàṣì 16GB tó ṣófo, kọ̀ǹpútà á ní kò gbà. Àyè wà. FAT32 ni kò lè gba fáìlì ẹyọ kan tó tó gígábáìtì 4. Ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí exFAT, á wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ máa gbọ́ wáàsì tàbí orin Fújì nínú mọ́tò kó fi FAT32 sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ rédíò mọ́tò ni kì í ka exFAT.

## Ẹrù ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù

`Quick Format` àti ti kámẹ́rà ò kó ẹrù jáde, ìwé ni wọ́n pààrọ̀. Èyí ń gba àwọn kan là. Onífọ́tò tó bá fọ́máàtì mẹ́mórì ìgbéyàwó kó tó kó o kúrò, kó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó má tún ya ẹyọ kan lé e. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ PhotoRec á fo ìwé kọjá, á máa wọ ṣọ́ọ̀bù kan tẹ̀ lé òmíràn, á sì dá fọ́tò mọ̀ nípa bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Orúkọ àtijọ́ ò ní padà, ṣùgbọ́n ojú ìyàwó á padà. Orí kọ̀ǹpútà ni kó kó wọn sí, kì í ṣe orí mẹ́mórì náà.

Ohun kan náà lè kó ẹlòmíràn sí wàhálà. Ẹni tó fẹ́ ta mẹ́mórì, tó sì fọ́máàtì rẹ̀ wéré, ti ta fọ́tò ilé rẹ̀ mọ́ ọn. Lórí Windows, ẹ yọ àmì kúrò níwájú `Quick Format`. Láti ìgbà Windows Vista, irú fọ́máàtì yìí ń kọ òdo sínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ó sì lè pẹ́ ju wákàtí kan lọ lórí mẹ́mórì ńlá. Tí ohun tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ àṣírí gidi, èmi ò ní tà á rárá. Iye tí wọ́n ń ra mẹ́mórì àlòkù ò tó nǹkan.

## Nígbà tí fọ́máàtì ò ràn án

Àìsàn méjì wà tí fọ́máàtì ò lè wò. Èkíní ni ayédèrú tí wọ́n kọ 512GB sí lára, tí inú rẹ̀ ò ju 8 lọ. Wọ́n ti kọ́ ọ láti máa purọ́ iye ṣọ́ọ̀bù tó ní, bí ẹ bá sì fọ́máàtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, irọ́ kan náà ló máa pa. Ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ H2testw á kọ ẹrù kún inú rẹ̀, á kà á padà, á sì sọ iye tó wọlé ní tòótọ́. Ọjọ́ tí ẹ rà á ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, nígbà tí ẹni tó tà á ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀.

Èkejì ń da èèyàn láàmú púpọ̀. Ẹ pa fáìlì rẹ́, ó lọ. Ẹ yọ mẹ́mórì, ẹ dá a padà, gbogbo fáìlì ti padà síbi tí wọ́n wà. Ẹ fọ́máàtì rẹ̀, ó ní òun ti ṣe tán, ẹ tún wò ó, bákan náà ló rí. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ mẹ́mórì SD bóyá ìkọ́ kékeré ara rẹ̀ ti bọ́ sí `Lock`, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn sábà máa ń sọ fún yín tààrà pé òun ti tì. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, inú rẹ̀ ló ti gbó. Ìwọ̀nba ìgbà ni wọ́n lè kọ nǹkan sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́mórì kó tó rẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ mẹ́mórì ló sì ń ti ìlẹ̀kùn ìkọ̀wé nígbà tó bá débẹ̀, tó ń fi ti ìkàwé sílẹ̀. Ọ̀gá tó wà ní Dùgbẹ̀ ní òun kì í gba owó àtúnṣe lórí irú rẹ̀: òun á kó fáìlì jáde fún oníbàárà nígbà tó ṣì ń ṣeé kà, òun á sì ní kó lọ ra tuntun.